Ọ̀nà mẹ́rin láti dá rẹsítọ̀, kàpásítọ̀, tiransísítọ̀ àti dáyóòdù mọ̀ lórí fọ́tò bọ́ọ̀dù: èwo ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé?

Ẹni tó ya fọ́tò bọ́ọ̀dù ṣájà fóònù, tó sì fẹ́ kọ orúkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀yà tó wà lórí rẹ̀, ọ̀nà mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè ka lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù. Ó lè wo ìrísí ẹ̀yà àti àwọ̀ rẹ̀. Ó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀yà náà gan-an. Ó sì lè gbé mítà. Èyí tó yá jù nínú wọn kọ́ ló ṣeé gbára lé jù, ohun tó sì máa ń kó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wàhálà ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa ń dì mú fún gbogbo bọ́ọ̀dù.

Ohun mẹ́ta la ó fi gbé wọn yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni owó. Ìkejì ni ìgbẹ́kẹ̀lé: tí ọ̀nà náà bá ṣì yín lọ́nà, ṣé nǹkan kan wà tí yóò ta yín lólobó? Ìkẹta ni irú bọ́ọ̀dù tó bá a mu, nítorí bọ́ọ̀dù tí ẹsẹ̀ ẹ̀yà rẹ̀ gba inú ihò kọjá kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọ́n lẹ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ mọ́ ojú bọ́ọ̀dù.

Fọ́tò gbọ́dọ̀ ṣeé kà ná

Kò sí ọ̀nà tó máa ṣiṣẹ́ lórí fọ́tò tó ṣú. Ẹ gbé bọ́ọ̀dù sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lójú ọ̀sán, kí ẹ sì jẹ́ kí bébà funfun kan hàn nínú fọ́tò náà. Lábẹ́ gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n, buráùn, pupa àti àwọ̀ ọsàn máa ń di ọ̀kan náà. Tí bébà bá hàn ní funfun gidi, ẹ lè gba àwọ̀ tó kù gbọ́. Ẹ má ti fóònù mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹ jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí ẹ sì fa àwòrán súnmọ́ ní ìlọ́po méjì. Ojú kámẹ́rà fóònù púpọ̀ kì í mú ohun tó bá súnmọ́ ọn jù.

Ẹ ya mẹ́ta ó kéré tán: ọ̀kan láti òkè tààrà, méjì láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ara kàpásítọ̀ tó dúró lóòró ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí, fọ́tò òkè kò lè rí i. Ìkọ tí wọ́n fi iná lésà fín sára tiransísítọ̀ dúdú kì í sì í hàn àfi tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ lù ú. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun ra orí rẹ̀, kí ẹ fi ìka nù ún fẹ́ẹ́rẹ́. Ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì á kù sínú ojú fínfín náà, nọ́ńbà á yọ.

Ọ̀nà kìíní: lẹ́tà orí bọ́ọ̀dù

Kò gba owó kankan, ó sì yá ju gbogbo wọn lọ. Lẹ́tà funfun kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ń sọ irú ẹ̀yà tó yẹ kó wà níbẹ̀: R ni rẹsítọ̀, C ni kàpásítọ̀, Q ni tiransísítọ̀, D ni dáyóòdù. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e jẹ́ nọ́ńbà ìtòlẹ́sẹẹsẹ lásán. R7 kò túmọ̀ sí óòmù méje.

Àwọn kan ń lo TR tàbí VT dípò Q, àwọn mìíràn ń lo VD dípò D. Lórí bọ́ọ̀dù ṣájà àti ti tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó tún rí EC fún kàpásítọ̀ alágolo, ZD fún dáyóòdù Sẹ́nà tó máa ń jẹ́ kí iná kọjá sẹ́yìn tí fóólítì bá dé iye kan, àti FR fún rẹsítọ̀ tí wọ́n ṣe kó lè jó bíi fíúsì. Ẹ ṣọ́ra fún T nìkan, torí tiransfọ́mà ló sábà máa ń jẹ́. L jẹ́ kọ́ìlì, F jẹ́ fíúsì, U tàbí IC jẹ́ áísíì.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń jáni kulẹ̀ ni pé àyè ni lẹ́tà ń dárúkọ, kì í ṣe ohun tó jókòó síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ lè fi wáyà lásán sí àyè R4 nítorí pé bọ́ọ̀dù náà wà fún oríṣi ṣájà méjì, tí èyí kò sì nílò rẹsítọ̀ níbẹ̀. Lórí bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú, ara ẹ̀yà tún lè bo lẹ́tà mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n má tẹ lẹ́tà kankan rárá. Síbẹ̀, tí lẹ́tà bá wà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà púpọ̀ ló ń sọ òótọ́, pàápàá lórí bọ́ọ̀dù tí wọ́n lẹ ẹ̀yà mọ́, níbi tí ìrísí kò fi bẹ́ẹ̀ ràn yín lọ́wọ́.

Ọ̀nà kejì: ìrísí àti àwọ̀

Èyí náà kò gba owó, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń kọ́. Rẹsítọ̀ jẹ́ ọ̀pá kúkúrú tí ìlà àwọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún yí ká. Dáyóòdù jẹ́ ọ̀pá dúdú tó ní ìlà kan ṣoṣo ní ìpẹ̀kun kan, tàbí ọ̀pá gíláàsì pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìlà dúdú. Kàpásítọ̀ jẹ́ agolo tó dúró, tàbí owó ẹyọ pẹlẹbẹ aláwọ̀ ọsàn tàbí búlùú. Tiransísítọ̀ kékeré ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, iwájú rẹ̀ tẹ́jú, ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto.

Lórí bọ́ọ̀dù oníhò, ìrísí máa ń tọ̀nà níbi tó pọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti ṣì yín lọ́nà, kò ní ta yín lólobó rárá, ìyẹn ló jẹ́ kí n fi í sẹ́yìn lẹ́tà. Àwọn ẹ̀yà tó máa ń purọ́ nìyí.

Ẹ̀yà pẹlẹbẹ búlùú tó wà nítòsí ibi tí iná ti ń wọlé lè má jẹ́ kàpásítọ̀. Tí wọ́n bá kọ 10D471 sára rẹ̀, fárísítọ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ìjà nígbà tí iná bá ga jù, 471 yẹn sì túmọ̀ sí fóólítì 470. Tí wọ́n bá kọ 222 pẹ̀lú Y1 sára ẹlòmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì, kàpásítọ̀ ààbò ni ìyẹn. Ẹni tó bá fi àwọ̀ nìkan ṣe ìdájọ́ á pe méjèèjì ní orúkọ kan.

Ọ̀pá kúkúrú tí àárín rẹ̀ ki, tí àwọ̀ ara rẹ̀ fẹ́ jọ ewé, tó sì ní ìlà àwọ̀, lè jẹ́ kọ́ìlì kékeré. Ìlà àwọ̀ kò fi í hàn yàtọ̀ sí rẹsítọ̀. Lẹ́tà L lórí bọ́ọ̀dù ló ń fi í hàn.

Lórí bọ́ọ̀dù tí wọ́n lẹ ẹ̀yà mọ́, rẹsítọ̀ jẹ́ bíríkì dúdú tín-ín-rín tí nọ́ńbà funfun wà lórí rẹ̀, kàpásítọ̀ kékeré sì jẹ́ bíríkì buráùn tí wọn kò kọ nǹkankan sí. Ìyàtọ̀ yìí tọ̀nà dé ibi kan. Rẹsítọ̀ tó kéré jù náà kì í ní ìkọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ṣì dúdú, ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì sì funfun. Ti kàpásítọ̀, àwọ̀ buráùn náà ló wà lórí, lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi gbogbo tí irin kò bò.

Ìlà ìpẹ̀kun náà tún ní ewu tirẹ̀. Lára dáyóòdù, ìlà wà ní ẹ̀gbẹ́ tí iná ń gbà jáde, ẹ̀gbẹ́ òdì. Lára kàpásítọ̀ alágolo, ìlà náà wà ní ẹ̀gbẹ́ òdì. Ṣùgbọ́n lára kàpásítọ̀ tántálọ́ọ̀mù, èyí tó jẹ́ bíríkì yẹ́lò tàbí dúdú lórí bọ́ọ̀dù ìgbàlódé, ìlà wà ní ẹ̀gbẹ́ rere. Ẹni tó pe tántálọ́ọ̀mù dúdú ní dáyóòdù á ṣi orúkọ, á sì tún ṣi ẹ̀gbẹ́. Tántálọ́ọ̀mù tí wọ́n bá gbé sí òdì máa ń jóná.

Ọ̀nà kẹta: ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀yà

Ó ń gba sùúrù, ó sì lè gba gíláàsì ìmú-nǹkan-tóbi tí kò wọ́n. Nínú gbogbo ohun tí fọ́tò lè fún yín, èyí ni mo gbà pé ó yẹ kó jẹ́ adájọ́. Lẹ́tà sọ àyè, ìrísí sọ ẹbí. Ìkọ ara ló ń sọ ẹ̀yà náà gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ: lẹ́tà tó wà lára ẹ̀yà kì í ṣe ẹgbẹ́ lẹ́tà tó wà lórí bọ́ọ̀dù. C945 tí ẹ kà lára ẹ̀yà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe kàpásítọ̀. Tiransísítọ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni 2SC945, lábẹ́ ètò àwọn ará Japan, wọ́n kàn máa ń gé 2S kúrò nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́. Nínú ètò yẹn, A àti B jẹ́ irú tiransísítọ̀ tí wọ́n ń pè ní PNP, C àti D jẹ́ irú kejì, NPN. Nítorí náà, D882 kì í ṣe dáyóòdù, tiransísítọ̀ ni òun náà. A1015 ńkọ́? Tiransísítọ̀ PNP ni.

Ètò àwọn ará Amẹ́ríkà rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà tó ṣáájú N ni kí ẹ wò: 1N ni dáyóòdù, 2N ni tiransísítọ̀. 1N4007, 1N4148 àti 1N5819 jẹ́ dáyóòdù. 2N3904 jẹ́ tiransísítọ̀. Nínú ètò Yúróòpù, BC ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ tiransísítọ̀ kékeré, bíi BC547.

Ìkọ ara nìkan ló sì lè yọ yín nínú ọ̀ràn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. TL431 jọ tiransísítọ̀ kékeré tóbẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè yà wọ́n, bẹ́ẹ̀ áísíì tó ń díwọ̀n fóólítì ni. 78L05 náà jọ ọ́. Ẹ̀yà tí wọ́n lẹ mọ́ bọ́ọ̀dù, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n kọ 1AM tàbí J3Y sí, tiransísítọ̀ ni. Èyí tí wọ́n kọ A7 sí jẹ́ dáyóòdù méjì nínú ilé kan. Ẹsẹ̀ mẹ́ta kò tíì sọ pé tiransísítọ̀ ni.

Ní ti nọ́ńbà oníka mẹ́ta, ìka méjì àkọ́kọ́ ni iye, ìkẹta sì ni iye òdo tí ẹ ó fi kún un. 103 lórí rẹsítọ̀ jẹ́ 10,000 óòmù. 104 lórí kàpásítọ̀ jẹ́ 100,000 píkófáràdì, ìyẹn 0.1 máíkrófáràdì. Ìṣirò kan náà ni, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ mọ irú ẹ̀yà kí ẹ tó kọ iye. R láàárín nọ́ńbà dúró fún ojú àmì: 4R7 jẹ́ óòmù 4.7.

Ìlà àwọ̀ rẹsítọ̀ ń lọ báyìí láti òdo dé mẹ́sàn-án: dúdú, buráùn, pupa, àwọ̀ ọsàn, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, búlùú, àwọ̀ àlùkò, àwọ̀ eérú, funfun. Lára onílà mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí ìlà góòlù wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín kí ẹ tó kà á, ìlà náà sì túmọ̀ sí pé iye lè yẹ̀ tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlà kẹta ni fọ́tò ti ń tanni jù. Buráùn-dúdú-buráùn jẹ́ 100 óòmù, buráùn-dúdú-pupa jẹ́ 1,000, buráùn-dúdú-ọsàn jẹ́ 10,000. Tí ìmọ́lẹ̀ bá burú, àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn á jọra, ẹ ó sì ṣìnà ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí ọgọ́rùn-ún.

Ohun kan wà tó máa ń ta yín lólobó nígbà tí ìlà méjì àkọ́kọ́ bá jẹ́ àṣìkà. Rẹsítọ̀ onílà mẹ́rin tó wọ́pọ̀ kì í ní iye èyíkéyìí tó bá wù ú. Ìka méjì àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú 10, 12, 15, 18, 22, 27, 33, 39, 47, 56, 68 àti 82. Tí ẹ bá ka 32, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọsàn lẹ pè ní pupa, 33 ni. Ẹ padà sídìí fọ́tò.

Ọ̀nà kẹrin: mítà

Èyí nìkan ló gba owó gidi, ó sì gba kí bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ yín, fọ́tò nìkan kò tó. Mítà kékeré irú DT-830B tó kún ọjà Alábà tó fún iṣẹ́ yìí: ó ń ka óòmù, ó sì ní ibi ìdánwò dáyóòdù. Kò lè ka máíkrófáràdì, torí náà ẹ má retí pé yóò sọ iye kàpásítọ̀.

Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀dù ṣájà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná, kí ẹ sì rántí kàpásítọ̀ ńlá tí wọ́n kọ 400V sí. Níbi tí iná ilé ti jẹ́ fóólítì 230, nǹkan bíi 325 ni kàpásítọ̀ náà ń gbà sára, ó sì lè dì í mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ṣájà. Ẹ fi páyà tí ọwọ́ rẹ̀ ní rọ́bà di rẹsítọ̀ 10,000 óòmù, oní-wáàtì 2, mú, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Ẹ wá fi mítà wò ó ní ìwọ̀n fóólítì DC títí yóò fi sún mọ́ òdo.

Ní ibi ìdánwò dáyóòdù, dáyóòdù tó pé máa ń fi nǹkan bíi 500 sí 700 hàn lọ́nà kan, kò sì ní fi nǹkan hàn lọ́nà kejì. Tó bá jẹ́ 150 sí 300, dáyóòdù Ṣọ́tíkì ni, irú 1N5819. Tiransísítọ̀ NPN ní ẹsẹ̀ kan tó jẹ́ pé tí wáyà pupa bá wà lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ méjì tó kù á fi nǹkan bíi 600 sí 700 hàn. Ẹsẹ̀ yẹn ni béèsì, èyí tó ń darí tiransísítọ̀. Ẹ má gbà pé àárín ló máa ń wà: tí ojú pẹlẹbẹ bá kọjú sí yín, béèsì BC547 wà láàárín, ti C945 wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

Mítà náà ní ibi tó ń tàn yín. Bí ẹ̀yà bá ṣì wà lórí bọ́ọ̀dù, iná mítà lè gba ara àwọn ẹ̀yà mìíràn kọjá. Rẹsítọ̀ lè kà kéré ju iye rẹ̀ lọ nítorí èyí, ṣùgbọ́n kò lè kà ju iye rẹ̀ lọ tí kàpásítọ̀ bá ti tú iná rẹ̀ dànù. Tó bá kà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, rẹsítọ̀ náà ti bàjẹ́ tàbí ẹ ti ṣi ìlà kà. Tí ìdáhùn náà kò bá dá yín lójú, ẹ fi irin sólidà gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí ẹ tún un wọ̀n. Àti pé, dáyóòdù méjì nínú ilé kan, irú èyí tí wọ́n kọ A1 sí, máa ń dáhùn bíi tiransísítọ̀ NPN gẹ́lẹ́ sí ìdánwò yìí. Ìkọ ara ló ń ya wọ́n.

Ká gbé fọ́tò ṣájà kan yẹ̀ wò

Bọ́ọ̀dù ṣájà fóònù kékeré olówó pọ́ọ́kú ni, oníhò. A bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iná ti ń wọlé. Ọ̀pá tó ki ló wà lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́tà orí bọ́ọ̀dù jẹ́ FR1, ìlà rẹ̀ jẹ́ buráùn-dúdú-dúdú-góòlù. Lẹ́tà àti ìlà bára mu: rẹsítọ̀ óòmù 10 tó ń ṣe iṣẹ́ fíúsì. Ọ̀pá dúdú mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà funfun kan tẹ̀ lé e, D1 dé D4, a sì ka 1N4007 lára ọ̀kan. Agolo tó ga jù ni C1, fọ́tò ẹ̀gbẹ́ fi 2.2µF 400V hàn. Títí débí, kò sí àríyànjiyàn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta méjì tó jọra pátápátá. Ti àkọ́kọ́, lẹ́tà ni Q1, ìkọ ara ni 13001: tiransísítọ̀ tó ń tan iná sí tiransfọ́mà tó sì ń pa á. Ti ìkejì, ara rẹ̀ bo lẹ́tà. Ìrísí ní tiransísítọ̀ ni. A wo fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, C945 ló yọ. Ẹni tó ń wá lẹ́tà á kọ kàpásítọ̀ síbẹ̀ kíákíá. Ẹni tó mọ ètò Japan á kọ tiransísítọ̀, á sì tọ̀nà. Ká ní 431 ló yọ ni, a ò ní kọ tiransísítọ̀ rárá.

Ọ̀pá gíláàsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ C945, lẹ́tà rẹ̀ kò hàn, ìkọ ara rẹ̀ sì kéré jù fún fọ́tò. Gíláàsì àti ìlà kan ní ìpẹ̀kun sọ pé dáyóòdù ni, èyí dá wa lójú. Ohun tí kò dá wa lójú ni bóyá 1N4148 ni tàbí Sẹ́nà, nítorí méjèèjì ń wọ irú gíláàsì yìí. Mítà DT-830B pàápàá kò lè yà wọ́n tí Sẹ́nà náà bá ju fóólítì mẹ́ta lọ, torí agbára mítà kò dé ibi tí Sẹ́nà ti ń ṣí. Ohun tó yẹ ká kọ sórí fọ́tò ni «dáyóòdù, irú rẹ̀ kò tíì hàn», ká tó wá gíláàsì ìmú-nǹkan-tóbi.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tí fọ́tò nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí bọ́ọ̀dù náà sì ní lẹ́tà, kó ka lẹ́tà, kó sì fi ìkọ ara jẹ́rìí sí gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti gbogbo ẹ̀yà pẹlẹbẹ búlùú. Ìyókù, lẹ́tà nìkan tó.

Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù rédíò tàbí ṣájà àtijọ́ tí kò ní lẹ́tà, ìrísí ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó sì má kọ orúkọ kankan sílẹ̀ láìka ìkọ ara. Ẹni tó ń wo bọ́ọ̀dù fóònù tàbí ti kọ̀ǹpútà, kó fi ìrísí sílẹ̀: lẹ́tà àti ìkọ ara ló wúlò fún un. Tí ìkọ kò bá sí lára kàpásítọ̀ buráùn, kó kọ kàpásítọ̀ kó sì fi iye sílẹ̀, nítorí kò sí fọ́tò tó lè sọ ọ́.

Ẹni tó fẹ́ yọ ẹ̀yà kúrò lára bọ́ọ̀dù àlòkù kó tún un lò ni mítà pọn dandan fún. Fún ẹni tó kàn fẹ́ dárúkọ, mítà lè dúró dé ìgbà tí lẹ́tà àti ìkọ ara bá ń ta ko ara wọn. Nígbà náà, kó gbé ẹsẹ̀ kan ẹ̀yà náà sókè kó tó wọ̀n ọ́n.